Kíndìnrín, Eérú Aró àti Ojú Ìwé Kan

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi dúró sáàárín pálọ̀ mi ní Àyétòrò, ó ń ka iṣẹ́ kíndìnrín lórí bí ọmọ tó ń ki oríkì ìdílé rẹ̀. Kíndìnrín méjì ló wà lára èèyàn. Ó rí bí ẹ̀wà. Ó ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀, ó sì ń yọ ìdọ̀tí kúrò nínú rẹ̀. Ọmọ náà ò sinmi, kò kọsẹ̀. Nígbà tó parí, ó wojú mi bí ẹni tó ń retí ẹ̀bùn.

Mo bi í ní ìbéèrè kan péré. Mo ní, "Ṣúgà wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ báyìí, àmọ́ kò sí nínú ìtọ̀ rẹ. Kí ló dá a dúró?"

Ó ní, "Kíndìnrín ló sẹ́ ẹ, Àǹtí."

"Ṣé ojú asẹ́ náà ni ò jẹ́ kó kọjá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, ìyẹn glúkóòsì, ń kọjá lójú asẹ́ náà tìrọ̀rùn-tìrọ̀rùn. Ẹ̀yìn tó bá ti kọjá tán ni wọ́n ń lọ gbá a mú padà. Ohun tó dùn mí jù ni pé kì í ṣe ọmọ náà ló jẹ̀bi. Èmi ni mo kọ súmárì tó kà sórí.

Ó ku ọjọ́ 10 kí wọ́n jókòó sí Báyọ́lọ́jì Wáẹ̀kì nígbà náà. Ìyá rẹ̀ ti pè mí láti Ìgbónà pé ọmọ ti ń bá orí kan fà á láti ọ̀sẹ̀ méjì, orí tó sọ bí ara ṣe ń da ìdọ̀tí nù, kí n jọ̀ọ́ bá a gé e kúrú. Orí ọ̀hún gùn tó ojú ìwé 16. Mo ti kọ́ Báyọ́lọ́jì fún ọdún 8 kí n tó fi tíṣà sílẹ̀, kí n wá ṣí ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé àti fọ́tòkọ́pì sí ẹ̀bá Ọlá-Ìyá, torí náà mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé kó lọ fọkàn balẹ̀. Alẹ́ Sátidé kan ni mo jókòó tì í. Wọ́n ti mú iná lọ, mo gbé làńtánì oníbátìrì kalẹ̀, mo fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ gbogbo ohun tí mo rò pé ó ṣe pàtàkì, mo sì kó wọn jọ sójú ìwé kan. Ó wù mí débi pé mo ti ń rò ó bóyá kí n máa ṣe fọ́tòkọ́pì rẹ̀ fún àwọn ọmọ lẹ́sìn tó ń wá sí ṣọ́ọ̀bù, kí n máa tà á. Ọlọ́run ló yọ mí.

Lẹ́yìn ìdáhùn tí ọmọ náà fún mi, mo gbé súmárì mi àti ìwé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí n lè rí ohun tí mo ṣe. Mo mú ibì kan báyìí. Ìwé ní òpó ẹ̀jẹ̀ tó ń wọ inú ìdìpọ̀ òpó tín-ín-rín tí wọ́n ń pè ní glomẹ́rúlọ́ọ̀sì fẹ̀ ju òpó tó ń jáde níbẹ̀ lọ, pé nítorí èyí ẹ̀jẹ̀ há sínú ìdìpọ̀ náà, ìfúnpá rẹ̀ ga, ìfúnpá yìí ló sì ń ti omi àti àwọn ohun kéékèèké gba ara ògiri òpó bọ́ sínú ife kékeré tó gbà á mọ́ra, èyí tí wọ́n fi orúkọ Bowman pè. Gbólóhùn gígùn ni lóòótọ́. Ohun tí èmi kọ ni: "Glomẹ́rúlọ́ọ̀sì ló ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀."

Irọ́ kọ́ ni mo kọ. Ṣùgbọ́n mo ti pa "nítorí" inú rẹ̀. Bí olùdánwò bá béèrè pé kí ni glomẹ́rúlọ́ọ̀sì ń ṣe, ọmọ mi á gba máàkì kan. Bó bá ní kó ṣàlàyé bó ṣe ń ṣe é, ọmọ ti dákú. Mo wá ka ojú ìwé mi láti òkè dé ìsàlẹ̀: "nítorí" tàbí "torí náà" 14 ló wà nínú ibi tí mo fa ìlà sí nínú ìwé wọn, 2 péré ló kù nínú súmárì tèmi. Gbogbo ohun tí mo fi sílẹ̀ jẹ́ orúkọ àti iṣẹ́, orúkọ àti iṣẹ́, bí ìwé ìpè ìnáwó.

Nígbà tí mo ṣì ń kọ́ni, mo ka iṣẹ́ kan tí John Dunlosky àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde lọ́dún 2013. Onímọ̀ nípa bí ọpọlọ ṣe ń kẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n, wọ́n sì yẹ ọ̀nà 10 tí akẹ́kọ̀ọ́ ń gbà múra ìdánwò wò. Súmárì wà lára àwọn tí wọ́n kà sí ọ̀nà tí èrè rẹ̀ kéré, òun àti fífi ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀. Kí èèyàn máa bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè láìwo ìwé ni wọ́n gbé sókè. Inú bí mi sí wọn lọ́jọ́ náà, torí súmárì ni mo fi ń jẹun. Ṣùgbọ́n ìdí tí wọ́n sọ nípa súmárì ò ṣeé jà níyàn: ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ó sì gba ẹ̀kọ́ kó tó lè wúlò. Wọ́n ní akẹ́kọ̀ọ́. Wọn ò mọ̀ pé tíṣà ọdún 8 náà wà níbẹ̀.

Nítorí náà, mo ya ojú ìwé yẹn. Mo ní kí ọmọ náà padà wá lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú ìwé rẹ̀ àti jọ́tà òfìfo.

Ohun tí mo kọ́kọ́ wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ohun tó ṣe pàtàkì. Nínú ìwé ẹ̀kọ́, gbogbo nǹkan ló máa ń jọ ohun tó ṣe pàtàkì, ìdí nìyẹn tí bírò pupa fi máa ń tán. Ohun tí mo wá ni ìṣòro tí orí náà ń tú. Ara ń ṣe májèlé kan tó ń jẹ́ yúríà. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe é nígbà tó bá ń tú èyí tó ṣẹ́kù nínú purotéènì tí a jẹ, ẹ̀wà, ẹran, ẹja. Yúríà yìí yòrò sínú omi ẹ̀jẹ̀, omi kan náà tí glúkóòsì àti iyọ̀ tí ara nílò yòrò sí. Báwo lo ṣe máa da májèlé nù láìda omi àti oúnjẹ nù pẹ̀lú rẹ̀? Ìbéèrè tí orí náà dúró lé nìyẹn, mo sì ní kó kọ ọ́ gàdàgbà sókè jọ́tà kó tó kọ nǹkan míì.

Ó ronú díẹ̀. Ó ní, "Kí wọ́n ṣa yúríà jáde ni, Àǹtí."

Ohun tí gbogbo èèyàn á rò nìyẹn, ó sì jẹ́ ìdí tí wọ́n fi ń gba òdo. Kíndìnrín kì í ṣa yúríà. Ohun tó ń ṣe dà bí ti ẹni tó fẹ́ tún àpótí aṣọ rẹ̀ tò: ó kó gbogbo ẹ̀ dà sórí bẹ́ẹ̀dì, ó wá ń mú èyí tó fẹ́ padà sínú àpótí ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Èyí tí kò mú padà ni ìtọ̀. Gbólóhùn kan péré ni ìwé wọn fi sọ èyí, ojú ìwé kẹsàn-án ló sì wà, láàárín àwòrán méjì. Òun ló sì gbé gbogbo orí náà dúró.

Kí ó lè rí apá àkọ́kọ́, ìyẹn dída síta, mo mú un lọ sí ọ̀dọ̀ ìyá àgbà wa lọ́kàn. Aláró ni màmá náà nígbà ayé rẹ̀. Òṣogbo ìlú aró ni wọ́n bí wa sí, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ìsinsìnyí mọ aró nínú oríkì nìkan, torí náà mo ní láti ṣàlàyé ìkòkò méjì yẹn. Ọ̀kan gun orí èkejì. Ìdí ti òkè ní ihò wẹ́wẹ́. Wọn á fi eérú kún un, wọn á da omi sí i lórí, omi á máa wọ inú eérú lọ díẹ̀díẹ̀, á sì máa kán sínú ìkòkò ìsàlẹ̀, tó, tó, tó, láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Omi tó bá kán sílẹ̀ á ti pọ́n bíi tíì, á sì máa yọ̀ lọ́wọ́. Inú rẹ̀ ni wọ́n ń kó ẹ̀lú sí. Ohun tó yòrò nínú eérú ti bá omi lọ, eérú fúnra rẹ̀ jókòó sókè.

Bẹ́ẹ̀ náà ni glomẹ́rúlọ́ọ̀sì. Ohun tó yòrò tó sì kéré, omi, glúkóòsì, iyọ̀, yúríà, á kán sísàlẹ̀. Purotéènì inú ẹ̀jẹ̀ tóbi, sẹ́ẹ̀lì pupa ẹ̀jẹ̀ tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á jókòó sókè.

Àmọ́ mo ní kó kọ ibi tí àfiwé náà ti já sábẹ́ rẹ̀, torí mo ti rí ọmọ tó kọ àfiwé tíṣà sínú ìdánwò bí ẹni pé òun gan-an ni ìdáhùn. Ó já níbi méjì. Omi eérú ń kán nítorí pé omi ń wá ìsàlẹ̀ ni, kò sẹ́ni tó tì í, ìdí nìyẹn tó fi ń gba odidi ọjọ́. Ti kíndìnrín, títì ni wọ́n ń tì í: òpó tó ń wọlé fẹ̀, tó ń jáde há. Èkejì ni pé omi tó kán sílẹ̀ ni aláró ń wá, eérú ni yóò dànù. Nínú kíndìnrín, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ohun tó kán sílẹ̀ ni ara ṣì ń fẹ́, wàhálà kíkó padà sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni.

Báwo ni ohun tó kán sílẹ̀ ṣe pọ̀ tó? Nínú súmárì mi àkọ́kọ́, mo ti ju nọ́ńbà nù, torí mo rò pé nọ́ńbà ni ohun tó ń dẹ́rù ba ọmọ. Àṣìṣe gbáà ni. Nọ́ńbà méjì wà nínú orí yìí tó jẹ́ pé tí o bá yọ wọ́n, ìtàn náà kò ní ìdí mọ́. Kíndìnrín méjèèjì ń sẹ́ omi tó tó mìlílítà 125 ní ìṣẹ́jú kan. Mo ní kó sọ ọ́ di ti ọjọ́ kan. Ó fi 60 sọ ọ́ di púpọ̀, ó tún fi 24 sọ ọ́ di púpọ̀, ó rí 180,000, ìyẹn lítà 180. Ó ní ìyẹn pọ̀ jù, ó tún un ṣe. 180 náà ni.

Mo ní, "Píọ̀ wọ́tà kan, lítà mélòó?"

"Ìdajì, mà."

"Báàgì kan ńkọ́?"

"Ẹyọ 20 ló wà níbẹ̀. Lítà 10."

"Báàgì mélòó ni lítà 180?"

"Báàgì 18." Ó dákẹ́. "Àǹtí, èèyàn ò lè mu báàgì 18 lójúmọ́."

Ìtọ̀ tí àgbàlagbà ń tọ̀ lójúmọ́ tó lítà kan àti ààbọ̀. Píọ̀ wọ́tà mẹ́ta. Báàgì 18 ló bọ́ sílẹ̀, píọ̀ wọ́tà mẹ́ta ló jáde. Èyí tó kù, nínú 100 ó lé ní 99, ti padà sínú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó bá fi ojú inú rí báàgì 18 nílẹ̀ẹ́lẹ̀ kò ní gbàgbé láé pé kíkó padà ni iṣẹ́ tó pọ̀ jù nínú kíndìnrín, pé sísẹ́ kàn jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ ni. Kò sẹ́ni tó ní láti sọ fún un mọ́ pé òpó tín-ín-rín tó ń gbé omi náà lọ, èyí tó gùn, tó lọ́, tó tún ṣẹ́rí padà, kò kàn lọ́ fún ẹ̀ṣọ́. Ó gùn torí iṣẹ́ pọ̀.

Lẹ́yìn náà ni a ya tábìlì kékeré kan sí àárín ojú ìwé. Iye gíráàmù tó wà nínú mìlílítà 100 ni a kọ síbẹ̀:

| Ohun tó wà níbẹ̀ | Nínú omi ẹ̀jẹ̀ | Nínú omi tí a sẹ́ | Nínú ìtọ̀ |
|---|---|---|---|
| Purotéènì | bíi 8 | 0 | 0 |
| Glúkóòsì | 0.1 | 0.1 | 0 |
| Yúríà | 0.03 | 0.03 | 2 |

Ìlà mẹ́ta péré, ó sì rọ́pò ojú ìwé mẹ́rin. Mo fẹ́ kí ẹni tó ń múra ìdánwò wo àwọn òdo yẹn dáadáa. Òdo mẹ́ta ló wà níbẹ̀, wọn kì í sì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Òdo ti purotéènì bẹ̀rẹ̀ lójú asẹ́: kò kọjá rárá. Òdo ti glúkóòsì kò sí lójú asẹ́, ìparí ni wọ́n ti rí i: ó kọjá, wọ́n sì kó gbogbo rẹ̀ padà. Ìbéèrè tí mo bi í lọ́jọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn, ó rí ìdáhùn fúnra rẹ̀ lójú tábìlì kí n tó lanu. Ó wá bi mí nípa ti àwọn tó ní àtọ̀gbẹ, pé kí ló dé tí ṣúgà fi ń wà nínú ìtọ̀ tiwọn. Mo ní kó wo ẹni tó ń kó ẹrù wọ mọ́tò. Bí ẹrù bá pọ̀ ju ọwọ́ tó ń kó o lọ, kò ní ṣàì ṣẹ́kù sílẹ̀. Ibi tí òpó náà ti ń gba glúkóòsì padà ní iye tó lè kó, bí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ bá ti ga jù ú lọ, èyí tó ṣẹ́kù á bá ìtọ̀ jáde. Torí náà, nínú súmárì, "glúkóòsì ń padà" kò tó. "Gbogbo glúkóòsì ń padà, lára ẹni tí ara rẹ̀ le" ni kó kọ. Ọ̀rọ̀ kéékèèké báyìí, gbogbo, ọ̀pọ̀, díẹ̀, lára ẹni tí ara rẹ̀ le, ni ẹni tó ń gé ìwé kúrú máa ń kọ́kọ́ jù nù torí wọn kò jọ ìmọ̀.

Apá kan tó kù tó gba agbára wa ni bí ìtọ̀ ṣe ń pọ̀ tàbí kéré. Súmárì mi àkọ́kọ́ ti sọ pé họ́mọ́ònù kan, tí wọ́n ń fi lẹ́tà ADH pè, "ń dá omi padà." Ọmọ náà wá rò pé họ́mọ́ònù yìí ló ń gbé omi lọ́wọ́ bí ọmọ ọ̀dọ̀. Kò gbé nǹkan kan. Ilẹ̀kùn ló ń ṣí. Omi ń padà nítorí pé inú lọ́hùn-ún kíndìnrín, tí wọ́n ń pè ní mẹ́dúlà, kún fún iyọ̀, iyọ̀ yẹn sì ń fa omi mọ́ra bí iyọ̀ tí a fi pa ẹja ṣe ń fa omi ara rẹ̀ jáde. Ìkọ́ tó gùn, tó wọ inú mẹ́dúlà lọ tó tún ṣẹ́rí, èyí tó ń jẹ́ ìkọ́ Henle, òun ló ń kó iyọ̀ jọ síbẹ̀. Bí oòrùn bá pa ọ́ láti Òkè-Fìà títí dé Ọjà Ọba, tí o làágùn tí o ò rí omi mu, ẹ̀jẹ̀ rẹ á ki, ọpọlọ á mọ̀ ọ́n, ADH á pọ̀ sí i, ilẹ̀kùn ara òpó tó ń kó ìtọ̀ jọ á ṣí, omi á bọ́ síbi tí iyọ̀ wà, ìtọ̀ rẹ á kéré, á sì pọ́n. Bí o bá mu omi yó, ó di òdìkejì. A fi ọfà tò ó láti òkè dé ilẹ̀, mo sì ní kó fi "torí náà" sáàárín ọfà kan àti èkejì. Bí kò bá lè ka "torí náà" síbẹ̀ kó mọ́gbọ́n dání, ọfà yẹn kò gbọdọ̀ wà.

Èdè wo ni a fi ṣe gbogbo èyí? Yorùbá la fi sọ ọ́, èdè ìdánwò la fi kọ ọ́. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi jiyàn lórí ìyẹn. Ohun tí ọmọ bá ti yé e lédè ìyá rẹ̀, orúkọ àjèjì kàn máa ń lẹ̀ mọ́ ọn ni. Ṣùgbọ́n orúkọ náà gbọ́dọ̀ pé, lẹ́tà fún lẹ́tà, torí àwọn tó ń ṣàmì kò ní ojú àánú sí ìsípẹ́lì. Òpó méjì wà tí orúkọ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra: yurítà, tó gba inú kíndìnrín lọ sí ilé ìtọ̀, méjì ni, yurítírà, tó gba ilé ìtọ̀ jáde síta, ọ̀kan ni. A kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé pẹ̀lú bírò pupa, ìgbà àkọ́kọ́ tí bírò pupa mi wúlò nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí.

Lọ́jọ́ kẹta mo yà lọ́dọ̀ àwọn alápatà ní Ọjà Ọba. Kíndìnrín ewúrẹ́ ni mo béèrè. Ti màlúù tóbi, àmọ́ ó rí kúlúbọ́-kúlúbọ́ bí ìdì èso, kò jọ àwòrán inú ìwé. Ti ewúrẹ́ ń dán, ó sì rí bí ẹ̀wà bíi ti èèyàn. Mo fi ọ̀bẹ là á ní gígùn rẹ̀ lórí pátákó ìgé-ẹ̀fọ́. Ó rí i kedere: ìta pọ́n dúdú, ìyẹn kọ́tẹ́ẹ̀sì, níbi tí àwọn ìdìpọ̀ òpó asẹ́ wà, inú mọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, mẹ́dúlà oníyọ̀ wa nìyẹn, àárín gbùngbùn funfun, níbi tí ìtọ̀ ń kó jọ sí kó tó bọ́ sínú yurítà. Ó fi ìka tọ́ ọ. Ó ní àwọn òkè ṣóńṣó tó wà nínú àwòrán ìwé ńkọ́, òun ò rí wọn. Ọmọ yìí ti ń lajú. Ti èèyàn ló pín sí ṣóńṣó-ṣóńṣó. Ti ewúrẹ́ ti so pọ̀ di òkè gbọọrọ kan. Mo ní kó ya ti èèyàn bí wọ́n bá ní kó ya ti èèyàn, kó fi rúlà fa ìlà orúkọ rẹ̀, kó má fi ọfà sí ẹnu ìlà, kí ìlà kankan má sì gun orí ara wọn. A sè é jẹ lálẹ́. Ó kéré, ó dùn.

Mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ pé kì í ṣe gbogbo orí náà ló wọ ojú ìwé kan yẹn. Awọ ara, ẹ̀dọ̀fóró, bí kòkòrò ṣe ń da ìdọ̀tí tirẹ̀ nù, bí amíbà ṣe ń ṣe é, gbogbo wọn wà nínú ìwé, wọ́n sì lè jáde nínú ìbéèrè oníyíyàn. Wọn ò ní "nítorí" tó pọ̀, torí náà mo ní kó kọ wọ́n sí ẹ̀yìn ìwé ní méjìméjì, ẹ̀dá àti ohun tó fi ń da ìdọ̀tí nù, kó kàn há wọn sórí. Mo tún ní kó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìgbẹ́ kò sí nínú orí yìí. Oúnjẹ tí kò dà wà nínú ìgbẹ́, kò wọ inú ẹ̀jẹ̀ rí, ara kọ́ ló ṣe é. Ọdọọdún ni mo fi máa ń rí ọmọ tó kọ ìgbẹ́ sínú ìdáhùn ìbéèrè yìí.

Láti ọjọ́ kẹrin, mi ò jẹ́ kó ka ojú ìwé náà mọ́. Tó bá ti dé ṣọ́ọ̀bù, mo máa ń yọ bébà òfìfo kan nínú ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì, mo ní kó kọ ìbéèrè òkè yẹn, kó sì kọ gbogbo ohun tó bá rántí sábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn la ó tó ṣí súmárì, a ó fi wé e. Ní ìgbà àkọ́kọ́, ó gbàgbé òpó tó fẹ̀ àti èyí tó há. Nígbà kejì, ó rántí wọn, ó gbàgbé iyọ̀ mẹ́dúlà. Ibi tó ń gbàgbé nìkan ló ń padà lọ kà nínú ìwé fúnra rẹ̀, kì í ṣe nínú súmárì. Nígbà kẹta, àwọn oníbàárà tò sẹ́yìn, mi ò ráyè wo ohun tó ń kọ. Ó pẹ́ kó tó dáhùn nígbà tí mo pè é.

Ó ní, "Àǹtí, ẹ wá wo nǹkan kan. Tábìlì yìí kò bára mu."

Mo ní kí ló dé.

Ó ní omi lítà 180 ló sún kì di lítà kan àti ààbọ̀. Ìyẹn ìlọ́po 120. Bó bá jẹ́ pé gbogbo yúríà ló dúró nínú omi náà tí ìkankan ò padà, bí mo ṣe sọ fún un, ó yẹ kí òun náà ki ní ìlọ́po 120. 0.03 lọ́nà 120 jẹ́ 3.6. Ṣùgbọ́n 2 la kọ síbẹ̀. "Níbo ni 1.6 wà?"

Mo gba bébà náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkùnrin kan ń dúró dè mí kí n bá òun ṣe fọ́tòkọ́pì ìwé ilẹ̀, mo ní kó ní sùúrù. Mo ṣírò ó lẹ́ẹ̀kan sí i lórí fóònù. 3.6 ni lóòótọ́. A ṣí ìwé sí ojú ìwé kọkànlá, mo fi ìka tọ ìlà lọ, ìlà kan tí mi ò fa nǹkan kan sí lábẹ́ lọ́jọ́ Sátidé yẹn, torí ó jọ àfikún lásán: pé yúríà kéré débi pé ó ń yọ́ gba ara òpó padà fúnra rẹ̀, àti pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì rẹ̀ tó ń bá ọ̀nà yẹn padà sínú ẹ̀jẹ̀.

Ó ti mú bírò pupa lórí káńtà mi. Ó fa ìlà gba àárín ibi tí mo kọ "yúríà kì í padà" sí lójú ìwé kan wa, ó kọ "bí ìdajì ń padà" sókè rẹ̀, ó sì bi mí bóyá kí òun fi "nítorí" sí i.